Kí oníṣòwò tó náwó sórí ọ̀rá àti ilé iṣẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni kó kọ sí NAFDAC

Ẹni bá dé Ọjà Ọba tàbí ọjà Mandate n'Ílọrin báyìí yóò rí i pé ẹ̀lùbọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n nìkan mọ́. Àwọn kan ti ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n tẹ orúkọ tó dùn ún pè sí i lára, wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí àwọn ilé ìtajà ńlá yóò máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àjọ NAFDAC ti ń wọlé. Láti ọdún 1993 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tàbí ike, kó sì máa tà á lórúkọ ara rẹ̀, láìṣe pé ó forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké mọ̀ pé òfin yìí wà. Bí wọ́n ṣe ń tọ àjọ náà lọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹlòmíì á kàn gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, á dé ọ́físì wọn, á ní òun fẹ́ rí ọ̀gá. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni. Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀ á wá ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀, á kówó fún un, á sì lọ jókòó sílé. Ẹni àkọ́kọ́ á gba ìwé tí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè sí, á padà sílé láìmọ èyí tó kàn án nínú rẹ̀. Ẹni kejì kò ní í mọ ohun tí wọ́n sọ nípa ọjà ara rẹ̀ rárá, àfi ohun tí alágbàṣe náà bá wá sọ.

Ọ̀nà tó dára ju méjèèjì lọ wà, kò sì le. Kí oníṣòwò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọ́físì àjọ náà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kọ́díńétọ̀, kó béèrè fún ìpàdé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó irú ọjà tirẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ béèrè, kó sì dárúkọ àwọn ìwé tí yóò gbé wá. Ìgbà tó yẹ kó kọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ tí yóò sanwó ọ̀rá, ó sì tún ṣáájú ọjọ́ tí yóò pe bíríkìlà.

Ìdí ni pé owó ọ̀rá kì í ṣe owó kékeré. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ fún èèyàn. Sílíńdà ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wà lára ọ̀rá náà, oníṣòwò ló sì ń san owó rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí òṣìṣẹ́ NAFDAC bá wá sọ lẹ́yìn náà pé àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀ kò pé, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òfin ò gbà, sílíńdà tí ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀ ti di òkú nìyẹn. Gbígbẹ́ ni wọ́n á tún un gbẹ́, ọ̀rá tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ á sì di ohun tí wọ́n fi ń bo igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé. Ẹni tó lẹ táìsì mọ́ yàrá mẹ́ta kó tó béèrè ìbéèrè lè wá gbọ́ pé ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ.

Èèyàn lè fi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Gáà Akánbí ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n kàn pè é ní Alhaja. Ó ń ṣe ẹ̀lùbọ́ iṣu, ó sì ń ṣe ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ti forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ó ní ilé kékeré kan lẹ́yìnkùlé tó fẹ́ sọ di ibi iṣẹ́, ẹni tó ń bá a ya àwòrán ọ̀rá sì ti parí tirẹ̀. Ọ̀nà wo ni Alhaja yóò gbé lẹ́tà rẹ̀ gbà?

Wọ́n máa ń ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ní ọ́físì ìjọba, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odidi o. Inú fáìlì ló ń wà. Àkọlé lẹ́tà ló yẹ kó ti sọ odidi ọ̀rọ̀, nítorí pé òun ni ọ̀gá yóò fi mọ tábìlì ẹni tí yóò darí rẹ̀ sí. Tí Alhaja bá kọ "Ìbéèrè fún ìrànlọ́wọ́" sí i, kò sẹ́ni tó mọ irú ìrànlọ́wọ́ tó ń fẹ́. Ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gba ẹ̀sùn, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó oògùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ ọ́, torí òun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ lọ báyìí:

"Ìbéèrè fún ìpàdé lórí ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀lùbọ́ iṣu àti ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ máa dì sínú ọ̀rá. Ilé iṣẹ́ wa ń fẹ́ láti rí òṣìṣẹ́ yín tó ń mójú tó oúnjẹ, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí àkókò yìí. Ohun mẹ́ta la fẹ́ béèrè: bóyá bí a ṣe fẹ́ to ibi iṣẹ́ wa bá ìlànà yín mu, ká tó kọ́ ọ, bóyá àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ sára ọ̀rá tọ̀nà, ká tó tẹ̀ ẹ́, àti àwọn àyẹ̀wò tó yẹ ká ti ṣe kí ẹ tó wá yẹ ibi iṣẹ́ wò. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà náà nínú ọ̀rá tó ní orúkọ. Àwọn ìwé tí a máa mú wá nìyí: ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí CAC, ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gba orúkọ ọjà wa wọlé, àwòrán ibi iṣẹ́, àwòrán ọ̀rá méjèèjì, àti àlàyé ojú ìwé kan lórí bí a ṣe ń ṣe ẹ̀lùbọ́ náà."

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ, ipò, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́ yóò tẹ̀ lé e. Àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mọ́tò lè gbé èèyàn dé. NAFDAC kì í gba nọ́ńbà àpótí lẹ́tà bí àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, nítorí pé ojúlé náà gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ wò. N'Ílọrin, níbi tí ọ̀pọ̀ ojúlé ò ti ní nọ́ńbà, kí èèyàn kọ orúkọ òpópónà àti ohun kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ nítòsí rẹ̀.

Ẹni tó bá wo lẹ́tà yẹn dáadáa yóò rí i pé kò bẹ NAFDAC kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ìpàdé kọ́ ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní nọ́ńbà. Ìwé ìbéèrè fún ìforúkọsílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ń pè ní NAPAMS ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló tún ní ìbéèrè àti nọ́ńbà tirẹ̀: ti iṣu lọ́tọ̀, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń rò pé nọ́ńbà kan ló máa bo gbogbo ohun tó bá jáde ní ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sára ọjà mẹ́rin. Wàhálà ńlá nìyẹn.

Ní ti àwọn ìwé, ohun tí òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ wò ni bóyá orúkọ bára mu. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ìwé CAC Alhaja lè máa jẹ́ "Fẹ́ntúrẹ́sì", kí lẹ́tà rẹ̀ máa jẹ́ "Fúùdù", kí ọ̀rá sì jẹ́ "Ẹ́ńtápúráísì". Lójú tirẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Lójú òfin, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni, méjì nínú wọn kò sì sí láyé. Ti orúkọ ọjà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni CAC ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ máa fi pe ọjà lára ọ̀rá, ọ́físì mìíràn ló ń bójú tó o, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò l'Ábùjá. Tó bá jẹ́ pé ọkọ Alhaja ló bá a ṣe é, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, òṣìṣẹ́ NAFDAC á béèrè ohun tó so ọkùnrin náà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó sàn kí èyí hàn lórí tábìlì ìpàdé ju kó hàn nígbà tí ìwé ti wọlé lọ. Aago tí wọ́n ń fi ka ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ máa ń dúró ní gbogbo ìgbà tí àjọ náà bá ti dá ìwé padà pé kí oníṣòwò lọ tún nǹkan ṣe. Ẹni tó ń pariwo pé wọ́n ti fi fáìlì òun jókòó lé láti oṣù mélòó kan lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun gan-an ni aago náà dúró sí.

Àwòrán ibi iṣẹ́ kò ní láti jẹ́ ti ayàwòrán-ilé. Ìwé pẹlẹbẹ kan àti rúlà tó. Ohun tó yẹ kó fi hàn ni ọ̀nà tí iṣu ń gbà láti ìgbà tó bá wọlé títí dìgbà tó bá jáde bí ẹ̀lùbọ́: ibi tí wọ́n ń kó iṣu tútù sí, ibi tí wọ́n ti ń bó o, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ibi tí wọ́n ti ń sá a, ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ibi tí wọ́n ti ń dì í, àti yàrá tí ọjà tó ti parí ń gbé. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wá ni pé kí iṣu tó gbé erùpẹ̀ wọlé má ṣe gba ibi tí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ti fẹ́ dì ń gbà. Kí Alhaja sì múra sílẹ̀ fún ìbéèrè méjì tí kò lè yẹ̀. Èkínní, ibo ló ń sá iṣu sí? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì tàbí orí àpáta ni, níbi tí ewúrẹ́ àti eruku ti ń kọjá, kó yáa sọ bí ó ṣe fẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀, kó sì dà nẹ́ẹ̀tì bò ó. Èkejì, ẹ̀rọ ta ni ó fi ń lọ̀ ọ́? Ẹ̀rọ àdúgbò tí wọ́n fi lọ ata àti ẹ̀wà láàárọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi lọ oúnjẹ tó fẹ́ gba nọ́ńbà.

Ìbéèrè kẹta tún wà tó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́lùbọ́ kì í fẹ́ gbọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ kòkòrò. Gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́ mọ̀ pé kòkòrò kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, àwọn kan sì ti sọ oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sínáípà di ìyọ̀ wọn. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, láti orí ìdá mẹ́wàá lítà wá sílẹ̀, láti ọdún 2019, ọ̀ràn kí wọ́n máa fi í sí oúnjẹ sì wà lára ohun tó fà á. Ìdáhùn tó tọ́ ni kí Alhaja lè ṣàlàyé bí iṣu ṣe ń gbẹ dáadáa kó tó lọ̀ ọ́, bí àpò ṣe ń wà lórí pákó tí kò kan ilẹ̀, àti ẹni tó ń bá a fín ilé nígbà tí ọjà ò sí nínú rẹ̀.

Àwòrán ọ̀rá ló tún gba àkókò. Orúkọ oúnjẹ náà gan-an, orúkọ tí wọ́n fẹ́ máa pè é, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò ní í dára mọ́, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, àti àyè tí nọ́ńbà NAFDAC yóò wà, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Àyè ni o, kì í ṣe nọ́ńbà àfọwọ́rọ tí ẹni tó ya àwòrán náà fi dí i. Lára ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni ewu tó tóbi jù wà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló ń rà á jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Òfin oúnjẹ àti oògùn ilẹ̀ yìí kò gbà kí wọ́n polówó oúnjẹ bí ohun tó ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tó láti sọ gbogbo ọ̀rá di àlòkù. Bó sì ṣe jẹ́ pé orí ìwé ló ṣì wà ní ọjọ́ ìpàdé, bírò ni wọ́n á fi pa á rẹ́.

Ẹ̀rù kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í sọ síta: wọ́n ní ẹni tó bá kọ̀wé sí NAFDAC ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, pàápàá fún ẹni tó ti ń ta ọjà aláfọwọ́tẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àmọ́ ohun tó ń mú èèyàn ni ọjà tó wà lórí àtẹ, kì í ṣe lẹ́tà tó wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá ti ń tà á, kó kó o kúrò lórí àtẹ kó tó kọ̀wé, kó sì kọ òtítọ́. Irọ́ pé èèyàn ò tíì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀rá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táńkè, lè ba ohun gbogbo jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀dà méjì ni kí lẹ́tà náà jẹ́. Ọ̀kan á wọlé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ìkejì fún oníṣòwò, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgba tirẹ̀. Lóṣù Karùn-ún, ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó ń delé fún Ààrẹ nígbà náà fọwọ́ sí àṣẹ kan tó sọ pé kí àwọn àjọ ìjọba gbé ohun tí wọ́n ń béèrè, iye owó àti iye ọjọ́ tí yóò gbà síta kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ni àṣẹ yẹn ní kó jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè wọlé. Lóṣù Kejì, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìmúrọrùn òwò tó sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di òfin. Òtítọ́ ni pé ìwé àṣẹ àti ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe lẹ́tà tó ń tọrọ ìpàdé. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti mọ́ lára láti gba ẹ̀dà rẹ̀ kò ní í gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí èyí tó lágbára bá dé. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kí ó mú ẹ̀dà náà dání lọ béèrè. Tí wọ́n bá tún ní kó lọ ní kó bọ̀, ìkànnì SERVICOM tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2004 fún ìráhùn aráàlú wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ojúlówó ìwé ni kí Alhaja fi hàn wọ́n, fọ́tòkópì ni kó fi sílẹ̀, ní bí ó ṣe tò wọ́n sínú lẹ́tà. Kó mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ dání kí ó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kó má ṣe mú àpòòwé kankan lọ. Owó tí àjọ náà ń gbà, àpò ìjọba ló ń lọ, ó sì ní rìsíìtì. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 lòdì sí rìbá sì ń mú ẹni tó fúnni bó ṣe ń mú ẹni tó gbà á.

Tó bá padà délé, iṣẹ́ ṣì kù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kó kọ lẹ́tà kúkúrú mìíràn sí ọ́físì náà, kó dúpẹ́, kó sì to ohun tí òṣìṣẹ́ náà sọ lẹ́sẹẹsẹ: pé kí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kojú sí ìta, pé kí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ kúrò lára ọ̀rá, pé kí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta lọ ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n sì yẹ omi kànga wò. Ìmọ̀ràn tí ẹnì kan sọ lẹ́nu kì í ṣe ìwé àṣẹ, òṣìṣẹ́ mìíràn ló sì lè wá yẹ ibi iṣẹ́ wò lóṣù mẹ́ta sí i. Tí ó bá béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn fi wà níbi tó wà, ìwé tí òǹtẹ̀ ọ́físì wọn wà lára rẹ̀ ni Alhaja yóò nà sí i.

Àwọn ọ́físì náà ní tiwọn láti ṣe. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí gbogbo Ílọrin mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gba irú àwọn èèyàn báyìí lálejò, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, iye àwọn tó ń wá alágbàṣe kiri yóò dín kù. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.